Bí Iṣẹ́ Kọ̀ndọ́ Tíráàmù Ṣe Bọ́ Sọ́wọ́ Èrò

Ẹni tó bá wọ tíráàmù, ìyẹn ọkọ̀ èrò tó ń rìn lórí irin ojú títì, ní Prague, olú ìlú Czech, lónìí kò ní rí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbowó. Á mú tíkẹ́ẹ̀tì tó ti rà sílẹ̀ jáde, á kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n dè mọ́ òpó inú ọkọ̀, ẹ̀rọ á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára. Ó ti tán nìyẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ nígbà kan, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún ẹlòmíì lé lórí ni.

Ẹṣin ló kọ́kọ́ ń fa tíráàmù lórí irin tí wọ́n tẹ́ sójú títì. Ní 1881, Werner von Siemens, ẹnjiníà ará Jámánì, gbé èyí tó ń fi iná mànàmáná rìn jáde ní Lichterfelde, lẹ́bàá Berlin. Àmọ́ ì báà jẹ́ ẹṣin, ì báà jẹ́ iná, kọ̀ndọ́ kò ṣe é yọ kúrò níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ mẹ́ta ló ń dá ṣe. Ó ń gbowó, ó sì ń ja tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ń fi ojú mọ ẹni tó ti san àti ẹni tí kò tíì san. Ó sì ń fa okùn agogo láti bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀: ní Bìrìtéènì, tí agogo bá dún lẹ́ẹ̀kan, kí ọkọ̀ dúró nìyẹn, tó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, kó máa lọ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òṣìṣẹ́ wọ́n ní Yúróòpù, owó oṣù sì ń gòkè. Wọ́n tún ń so ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, èyí tó já sí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò kọ̀ndọ́ tirẹ̀. Wọ́n lè ní kí dírẹ́bà máa gbowó, àmọ́ gbogbo èrò á tò sẹ́nu ọ̀nà iwájú nìkan, àwọn ilẹ̀kùn tó kù á wà ní títì, ọkọ̀ á sì dúró pẹ́ ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù ni pé kí gbogbo ilẹ̀kùn ṣí, kí èrò fúnra rẹ̀ sì mójú tó owó rẹ̀.

Àwọn ará Sófíẹ́tì ló gbé ọ̀rọ̀ yìí débi tó jìn jù. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kọ̀ndọ́ kúrò, wọ́n sì gbé àpótí owó sípò rẹ̀. Láti 1961, kópẹ́ẹ̀kì 3, ìyẹn owó ẹyọ ilẹ̀ wọn, ni wọ́n ń san fún tíráàmù. Èrò á ju kópẹ́ẹ̀kì 3 sínú àpótí, á yí ọwọ́ ẹ̀rọ, á sì já tíkẹ́ẹ̀tì kan lára ìwé tí wọ́n ká sínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ń ká a lọ́wọ́ kò tó bá fẹ́ já tíkẹ́ẹ̀tì láìju nǹkan kan sínú ibẹ̀, àfi ojú àwọn tó dúró tì í.

Àpótí náà kì í fúnni ní ṣéńjì. Ká ní ọwọ́ ẹnì kan bá kópẹ́ẹ̀kì 15 nìkan. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, á sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé kí wọ́n kó owó wọn fún òun. Èrò mẹ́rin á fún un ní kópẹ́ẹ̀kì 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 12. Nígbà náà ló máa wá ju 15 rẹ̀ sínú àpótí, á já tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún, á pín mẹ́rin fún àwọn tó ni í, kópẹ́ẹ̀kì 12 sì di ṣéńjì rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá kún, owó á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí á fi dé ìdí àpótí, tíkẹ́ẹ̀tì á sì gba ọ̀nà kan náà padà. Ohun ìwúrí ni èyí jẹ́ fún mi. Nínú gbogbo ètò tíráàmù tí mo mọ̀, òun nìkan ló gbára lé òótọ́ inú èèyàn débẹ̀ yẹn.

Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń lu ihò rọ́pò àpótí ní ọ̀pọ̀ ìlú. Èrò á ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, á kì í bọ ẹ̀rọ, á tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ihò á sì lu sí i lára. Bí ihò ọkọ̀ kan ṣe tò kì í bá ti ọkọ̀ mìíràn mu. Tí àwọn ayẹ̀wé bá wọlé, wọ́n á fi ẹ̀rọ ọkọ̀ yẹn lu ìwé òfo kan, wọ́n á sì fi í wé tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ èrò. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ ó ní ibi tó kù sí: ihò kò lè sọ ìgbà tí wọ́n lù ú. Àwọn kan ń kó tíkẹ́ẹ̀tì àná pa mọ́, kí wọ́n lè wá èyí tí ihò rẹ̀ bá ọkọ̀ tòní mu.

Aago ló yanjú ìyẹn. Ní Jámánì àti Swítsálandì, bí kọ̀ndọ́ ṣe ń kúrò nínú ọkọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń tẹ ọjọ́ àti wákàtí ń wọlé. Ibí ni ọ̀rọ̀ tó máa ń bá àlejò lójijì ti wá: tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní òǹtẹ̀ kò yàtọ̀ sí àìní tíkẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ti sanwó rẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni èèyàn á máa tọ́jú sápò, tí á fi wọkọ̀ ní gbogbo ọdún, tí á sì sáré lù ú nígbà tó bá rí ayẹ̀wé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayẹ̀wé fi sábà máa ń wọ aṣọ ilé, tí wọ́n á dúró kí ilẹ̀kùn pa dé kí wọ́n tó sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Wo òǹtẹ̀ rẹ kó o tó jókòó. Nígbà míì yíǹkì ẹ̀rọ ti gbẹ, tàbí o ti fi ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́.

Ní July 1981, ètò yìí dé San Diego ní Amẹ́ríkà, lórí ọ̀nà irin tó ti àárín ìlú lọ sí San Ysidro lẹ́nu ibodè Mẹ́síkò. Jámánì ni wọ́n ti ra ọkọ̀ náà, wọ́n sì mú àṣà ìsanwó ibẹ̀ tẹ̀ lé e: kò sí géètì, tíkẹ́ẹ̀tì ti gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ rẹ kó o tó wọlé.

Àwọn kan ń pe èyí ní ètò ìfọkàntán. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn, nítorí ìṣirò wà nídìí rẹ̀. Ní Jámánì, yúrò 60 ni owó ìtanràn láti 2015. Yúrò 40 ni tẹ́lẹ̀. Ká ní yúrò 3 ni tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ẹni tí kò san rárá, tí wọ́n sì ń mú lẹ́ẹ̀kan nínú ìrìn 20, kò jèrè kò pàdánù, nítorí 20 lọ́nà 3 jẹ́ 60. Tó bá jẹ́ ìrìn 30 ni wọ́n ń mú un lẹ́ẹ̀kan, ó ti fi yúrò 30 ṣèfà jẹ. Nítorí náà, iye ìgbà tí ayẹ̀wé ń wọlé ló gbé ètò náà dúró, pẹ̀lú òfin tó lè sọ àìsanwó di ẹjọ́ ọ̀daràn.

Iṣẹ́ kẹta kọ̀ndọ́, ìyẹn agogo, di bọ́tìnnì. Àwọn ibùdókọ̀ kan wà tí ọkọ̀ kì í dúró sí àyàfi tí ẹnì kan bá béèrè. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á tẹ bọ́tìnnì, ẹni tó wà nílẹ̀ á nawọ́ kí dírẹ́bà lè rí i. Irin lórí irin kì í tètè dúró bíi táyà lórí ọ̀dà, nítorí náà gbàrà tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní ibùdókọ̀ tó ṣáájú tìrẹ ni kó o tẹ̀ ẹ́, kó o sì wò ó bóyá iná kékeré tàn. Tí iná náà kò bá tàn, tún un tẹ̀.