Ta ló ṣòfin pé a ò gbọdọ̀ fi "tù" parí gbólóhùn?

Kíláàsì kẹta ni mo wà ní ilé ìwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa fa ìlà pupa sí àròkọ mi níbi méjì. Mo fi "tù", ìyẹn "to" Gẹ̀ẹ́sì, parí gbólóhùn kan. Nínú gbólóhùn kejì, mo ki ọ̀rọ̀ kan bọ àárín "tù" àti ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e. Mo béèrè ohun tó burú níbẹ̀. Wọ́n ní, "Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn." Nígbà tí mo délé, màmá mi rí bisikíìtì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ta lo ra ìyẹn fún?" "Fún", ọ̀rọ̀ atọ́kùn bíi "tù", ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ wọn, kò sì sẹ́ni tó fa ìlà pupa sí wọn lẹ́nu.

Ìdáhùn tíṣà yẹn kì í ṣe irọ́ o. Bí òfin náà ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa gan-an nìyẹn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1672, akéwì kan, John Dryden, jókòó ti iṣẹ́ Ben Jonson, ó ń wá àléébù inú rẹ̀. Jonson ti kú láti 1637, kò lè fèsì. Dryden mú ìlà kan nínú eré tí Jonson kọ ní 1611, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ara tí ẹ̀rù lé ẹ̀mí jáde nínú rẹ̀. "Fúróòmù", ọ̀rọ̀ atọ́kùn Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ló parí ìlà náà. Dryden ní àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ Jonson ni, ó sì jẹ́wọ́ pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí irú rẹ̀ nínú ìwé tòun ni. Kò sọ ìdí tó fi jẹ́ àṣìṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ó sọ pé bí Gẹ̀ẹ́sì òun bá rú òun lójú, òun máa ń yí i sí Látìnì kí òun lè mọ̀ bóyá ó tọ́. Ní Látìnì, iwájú ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn máa ń wà. Ohun tí orúkọ rẹ̀ pàápàá túmọ̀ sí ni "ohun tí a gbé síwájú".

Ní 1762, Robert Lowth, àlùfáà tó padà di bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé gírámà. Kò ka nǹkan náà léèwọ̀ rárá. Ó ní àṣà ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ó sì bá ìwé tí a ń kọ sí ojúlùmọ̀ mu, àmọ́ pé gbígbé e síwájú dùn ún gbọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ ńlá. Àwàdà tó wà níbẹ̀ ni pé níbi tó ti ń sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn irú gbólóhùn yìí, "tù" náà ló fi parí awẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 1795, Lindley Murray kó ọ̀rọ̀ Lowth sínú ìwé tó ṣe fún ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Yọ́ọ̀kì. Ó gbé "tù" yẹn síwájú, àwàdà sì pòórá. Ìwé Murray yìí ni wọ́n tẹ̀ láìmọye ìgbà, òun sì ni àwọn tíṣà gbá mú. Nígbà tí ogun Ìmàgbọ́n parí ní 1892 tí ilé ìwé mísọ́nnárì ráyè wọ Ìjẹ̀bú, ìmọ̀ràn Lowth ti di èèwọ̀ tipẹ́.

Ọmọ àná ni òfin kejì, èyí tó ní a ò gbọdọ̀ ki ọ̀rọ̀ bọ àárín "tù" àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹnì kan tí kò kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún bu ẹnu àtẹ́ lu kíki ọ̀rọ̀ bọ àárín bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan ní 1834. Ní 1864, Henry Alford, àlùfáà àgbà ní Kántábúrì, ní kò sí Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó mà ṣe o! Wọ́n ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí 600 ọdún ṣáájú rẹ̀. Àwa náà ń ṣe é lójoojúmọ́: "láti tètè dé", "láti máa jẹun". "Tètè" àti "máa" ló wà láàárín yẹn.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ àbúrò mi ní Ṣàgámù mú lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wá. Ó ti gbé gbogbo ọ̀rọ̀ atọ́kùn síwájú. Mo fi wọ́n sílẹ̀: ọ̀gá tí kò mọ̀ ọ́n rí ló ń kọ̀wé sí, ibi tí Lowth sọ pé ó bá a mu gan-an nìyẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo dá padà, torí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ àti atọ́kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ kan, gbólóhùn sì wó nígbà tó yà wọ́n.

"Tètè" ló dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé òun pinnu láti tètè kọ́ṣẹ́. Nítorí pé kò fẹ́ kí ohunkóhun wọ àárín, ó gbé e síwájú "tù", kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́ bóyá òun tètè pinnu ni àbí òun máa tètè kọ́ṣẹ́. Mo ní kó ki í bọ àárín. Ó wojú mi, ó ní, "Bọ̀dá, wọ́n máa gba máàkì lọ́wọ́ mi o." Mo ní ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ kì í gba máàkì.