Igun méjì láàárín ìlà tí kì í pàdé: ṣé wọ́n dọ́gba ni, àbí àròpọ̀ wọn ló jẹ́ 180?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, olùkọ́ wa ya ìlà méjì tí kì í pàdé, wọ́n fi ìlà kẹta dábùú wọn. Igun méjì tó wà láàárín, lápá ọ̀tún, ni wọ́n kọ nǹkan sí: 3x + 10 lókè, 5x − 30 nísàlẹ̀. Lójú mi wọ́n dọ́gba, mo sì rí x = 20. Wọ́n fa igi sí i. 25 ni ọ̀rẹ́ mi rí, wọ́n gba tiẹ̀. Kí ni mo fi máa mọ èyí tó dọ́gba yàtọ̀ sí èyí tí a máa rò pọ̀ di 180?

Ìdáhùn: Fi x sílẹ̀ ná. Mú ìwé, kí o tún àwòrán náà yà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìlà tó dábùú yẹn fì sápá kan dáadáa, kó má dúró ṣánṣán. Igun mẹ́jọ ni wàá kà, mẹ́rin ní ìkóríta òkè, mẹ́rin ní ìkóríta ìsàlẹ̀. Wàá rí i pé oríṣi méjì péré ni gbogbo wọn: mẹ́rin rí tóóró, mẹ́rin fẹ̀.

Ní ìkóríta kan, igun tóóró àti igun fífẹ̀ tó jókòó tì í ló jọ wà lórí ìlà gbọọrọ kan, nítorí náà 180 ni àròpọ̀ wọn. Àwọn tó kọ̀yìn síra wọn sì dọ́gba. Ti ìkóríta kejì ńkọ́? Fi síṣọ́ọ̀sì gé ìkóríta òkè kúrò nínú ìwé, kí o rọra wọ́ ọ wálẹ̀ tẹ̀ lé ìlà tó dábùú náà. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni ìlà méjèèjì ń tọ̀, yóò bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ géérégé. Nítorí náà, gbogbo igun tóóró dọ́gba, gbogbo igun fífẹ̀ dọ́gba, tóóró kan pẹ̀lú fífẹ̀ kan sì jẹ́ 180.

Ohun tó tàn ọ́ jẹ ni ojú rẹ. Bí ìlà tó dábùú kò bá fì púpọ̀, tóóró àti fífẹ̀ máa ń jọra. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o tún un yà, kí o sì wo ipò igun dípò bó ṣe rí lójú. Bí igun méjì bá wà ní ipò kan náà ní ìkóríta méjèèjì, bí àpẹẹrẹ lókè lápá ọ̀tún, wọ́n dọ́gba. Àwòrán wọn dà bíi lẹ́tà F. Bí wọ́n bá wà láàárín, tí ọ̀kan wà lápá òsì, tí èkejì wà lápá ọ̀tún, wọ́n tún dọ́gba. Èyí dà bíi Z, lẹ́tà tí kò tilẹ̀ sí nínú ábídí tiwa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà láàárín, tí wọ́n sì wà lápá kan náà, bíi U tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tóóró kan àti fífẹ̀ kan ni wọ́n. Tìrẹ nìyẹn.

3x + 10 + 5x − 30 = 180
8x − 20 = 180
8x = 200
x = 25

Ti òkè jẹ́ 3 × 25 + 10, ìyẹn 85. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 5 × 25 − 30, ìyẹn 95. O rí i pé dígírì mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn. Ta ni ojú rẹ̀ máa rí ìyẹn nínú àwòrán tí a fi ọwọ́ yà?

Ewu tó wà nínú ìbéèrè yìí ni pé ìdáhùn tìrẹ náà jáde ní odidi nọ́ńbà. Fi 20 sí ipò x, igun méjèèjì máa di 70, kò sí ohun tó máa ta ọ́ lólobó. Ṣùgbọ́n rò wọ́n pọ̀: 140 ni. Láti nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi ni Yúkílídì ti Alẹkisáńdíríà ti sọ pé bí àròpọ̀ igun méjì tó wà láàárín lápá kan bá kéré sí 180, ìlà méjèèjì máa pàdé lápá yẹn bí a bá fà wọ́n gùn. Tìrẹ yóò pàdé, yóò di onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kẹta jẹ́ 40. Wọ́n sì ti sọ fún ọ pé wọn kì í pàdé. Ìgbà kan ṣoṣo tí igun méjì ní ipò yẹn lè dọ́gba ni ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 90.

Kó o tó lo F, Z tàbí U rárá, wo orí ìlà méjèèjì bóyá ọfà kékeré wà níbẹ̀, tàbí kí ìbéèrè sọ pé wọn kì í pàdé. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìkóríta kọ̀ọ̀kan ló dá dúró: o lè lo igun tó kọ̀yìn síra àti 180 orí ìlà gbọọrọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n má mú ohunkóhun láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀.