DELETE tí kò ní WHERE: ibi tí àwọn ìlà náà wà ní ti gidi

Ìtàn náà kì í gùn. Dẹfẹlọ́pà kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fẹ́ pa ọ́dà kan ṣoṣo rẹ́, èyí tí oníbàárà kan ṣèèṣì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 4812. Ó wọ inú dátábéésì tí ṣọ́ọ̀bù náà ń lò lọ́wọ́ gan-an, ó ṣí psql tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ sí PostgreSQL, ó pín àṣẹ rẹ̀ sí ìlà méjì kó lè rọrùn láti kà, àmì ìparí sì ti bọ́ sí ẹ̀yìn ìlà àkọ́kọ́. Ohun tó jáde nìyí:

```
shop=# DELETE FROM orders;
DELETE 48213
shop=# WHERE id = 4812;
ERROR:  syntax error at or near "WHERE"
```

Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ọmọ náà rí ERROR, ó rò pé àṣẹ òun kò ṣiṣẹ́, ó tilẹ̀ fẹ́ tún un tẹ̀. Ìlà tó wà lókè ẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ọ́dà 48,213 ló ti lọ. Ẹni tí kì í lo psql náà ò yọ. Nínú DBeaver, bí èèyàn bá fi máòsì yan ìlà àkọ́kọ́ nìkan tó wá tẹ Ctrl+Enter, ìlà tó yàn yẹn nìkan ni yóò lọ, WHERE á sì dúró sílé.

Kí ló dé tí dátábéésì ò béèrè ohunkóhun? Nítorí pé àwùjọ ìlà ni èdè SQL ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìlà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ WHERE ni láti dín àwùjọ náà kù. Bí kò bá sí, àwùjọ náà pé, gẹ́gẹ́ bí SELECT tí kò ní WHERE ṣe ń kó gbogbo àtẹ wá. Ó mọ́gbọ́n dání lórí ìwé, àmọ́ fún ọmọ ènìyàn tó ń tẹ nǹkan ní agogo méjì ọ̀sán lẹ́yìn ẹ̀bà, kò dáa tó. Àwọn tó ṣe MySQL mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: wọ́n fi àṣàyàn `--safe-updates` síbẹ̀, tí í máa kọ irú DELETE báyìí, wọ́n sì fún un ní orúkọ kejì tó ń fi ẹni tó ń lò ó ṣe yẹ̀yẹ́, `--i-am-a-dummy`. PostgreSQL, tí ọmọ wa ń lò, kò ní irú rẹ̀ lára.

Ohun tó máa ń bí mi nínú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni báwọn èèyàn ṣe ń sọ pé dátà náà “ti parẹ́”. Ní àsìkò tí `DELETE 48213` jáde yẹn, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ́dà náà tó tíì kúrò lórí dísìkì.

PostgreSQL ń ṣe bí ìyá aláṣọ tó ń tajà láwìn. Bí oníbàárà bá san tán, ìyá náà kì í ya ojúewé, ó kàn ń kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ni. Ohun tí PostgreSQL ń kọ ni nọ́ńbà tiransákíṣọ̀n, ìyẹn iṣẹ́ kan tó máa ń fìdí múlẹ̀ lódindi tàbí kí wọ́n fagi lé e lódindi. Ààyè méjì ló wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan: `xmin` ni nọ́ńbà èyí tó kọ ìlà náà sílẹ̀, `xmax` ni nọ́ńbà èyí tó pa á rẹ́. Ká sọ pé 918273 ni nọ́ńbà DELETE ọmọ wa. Ṣe ló rìn yíká àtẹ náà, tó ń kọ 918273 sínú `xmax` ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ oníbàárà, iye owó, àdírẹ́sì, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Ìyá náà sì ní ìwé kékeré kejì tó ń tọ́jú sábẹ́ tábìlì. Inú rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí bóyá nọ́ńbà kan ti fìdí múlẹ̀ tàbí wọ́n ti fagi lé e. Nínú PostgreSQL, fódà `pg_xact` ni ìwé kékeré yẹn, bíìtì méjì péré ló sì ń ná lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ka ìwé ńlá, tó wá bá 918273 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kan, á kọ́kọ́ yẹ ìwé kékeré wò. Bó bá bá a pé ó ti fìdí múlẹ̀, á fo orúkọ náà bí ẹni pé kò sí. Bó bá bá a pé wọ́n ti fagi lé e, á ka orúkọ náà lọ bó ṣe wà, kò ní ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sí. Ẹni tó sì ti ṣí ìwé náà kí 918273 tó dé, tí kò tíì kà á tán, á máa rí gbogbo orúkọ títí yóò fi parí. Nítorí náà, bí `pg_dump`, tó ń da ẹ̀dà dátábéésì sínú fáìlì, bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago 14:00, tí DELETE náà wá ṣẹlẹ̀ ní 14:07, gbogbo ọ́dà tó wà nígbà tí `pg_dump` bẹ̀rẹ̀ ló máa wà nínú fáìlì tó bá gbé jáde. Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀.

Òun náà ló jẹ́ kí `ROLLBACK`, àṣẹ tó ń fagi lé tiransákíṣọ̀n, máa yá kánkán, bí ìlà ọ̀hún tilẹ̀ tó mílíọ̀nù. Kò sí ìlà kankan tó ń dá padà síbì kan, ìwé kékeré nìkan ló ń kọ nǹkan sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ctrl+C: bí ọmọ náà bá tẹ̀ ẹ́ kí DELETE tó parí, ì báà ti kọ nọ́ńbà sára ìlà 40,000, kò sí ohun tó sọnù.

Àmọ́ DELETE rẹ̀ ti parí. psql máa ń ṣí tiransákíṣọ̀n fún àṣẹ kọ̀ọ̀kan, á sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fúnra rẹ̀, àyàfi bí èèyàn bá kọ́kọ́ tẹ `BEGIN`. Ẹni tó bá sáré tẹ `ROLLBACK` lẹ́yìn náà, `WARNING:  there is no transaction in progress` ni yóò rí. Lójú tèmi, ibí ni àléébù wà ju ara WHERE lọ: pé lórí sáfà tí owó ń gbà wọlé, fífìdí múlẹ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn ò bá sọ nǹkan kan.

Ohun tí ọ̀gá ọmọ náà wá sọ lè dà bí àṣejù lójú ẹni tí kò mọ inú ẹ̀.

“Ẹ má bínú sà, mo rò pé ọ̀kan ni mo pa.”

“Má tẹ nǹkan kan mọ́. SELECT gan-an, má ṣe é.”

Kì í ṣe àṣejù. Ohun méjì ló ń gbá àwọn òkú ìlà kúrò lórí dísìkì. Èkíní ni autovacuum, tó máa ń jí wò káàkiri ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, òkú ìlà tó lé díẹ̀ ní ìdá márùn-ún àtẹ ló ń dúró dè kó tó bẹ̀rẹ̀. Níbí, nǹkan bí 9,700 ni, ọmọ wa sì ti pa 48,213. Èkejì ni àwọn tí kò mọ̀ ń bọ́ sí: kíkà lásán. Nígbà tí SELECT bá dé orí ojúewé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tó rí i pé òkú ìlà wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tún nílò mọ́, ó lè gbá wọn kúrò lójú ẹsẹ̀ kó tó máa bá ìkàwé rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tẹ `SELECT count(*)` léraléra pẹ̀lú ìpayà, bóyá òun ló ń gbálẹ̀ lórí ohun tó ń wá. Àfikún kan wà tó ń jẹ́ pg_dirtyread tó lè ka òkú ìlà tí wọn ò tíì gbá, ṣùgbọ́n bí kò bá ti wà lórí sáfà ṣáájú, ìṣẹ́jú tó ṣẹ́kù kì í tó láti fi í sí i.

Sáfà kejì tó ń tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Òun náà ti gba 918273, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kí ó tẹ̀lé e láìjanpata ni iṣẹ́ rẹ̀, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣẹ tó dáa àti èyí tí kò dáa. Bí wọ́n bá ti fi `recovery_min_apply_delay` dá a dúró sí ẹ̀yìn wákàtí kan nìkan ló lè gbani nínú irú ọ̀ràn báyìí.

Ọ̀nà tó dájú ni fódà `pg_wal`. PostgreSQL ń kọ ohun gbogbo tó bá ṣe síbẹ̀ kó tó ṣe é lórí àtẹ. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ń kó àwọn fáìlì yẹn pamọ́ síbòmíràn, tí wọ́n sì ní ẹ̀dà kíkún tí wọ́n fi `pg_basebackup` ṣe ní òru ọjọ́ Àìkú, wọ́n lè gbé ẹ̀dà náà sórí sáfà mìíràn, kí wọ́n wá ka àkọsílẹ̀ náà síwájú lórí rẹ̀ láti òru náà dé ẹnu DELETE. Fáìlì `pg_dump` kò ṣe é lò fún èyí. Ibi tó bá dúró sí náà ló dúró sí, bí òru àná ni wọ́n ṣe é, iṣẹ́ òwúrọ̀ òní ti lọ nìyẹn. Wọ́n máa ń fi `pg_waldump` wá nọ́ńbà tó pa ìlà rẹpẹtẹ ní 14:07. Wọ́n á dá fáìlì `recovery.signal` sílẹ̀ nínú fódà dátà sáfà tuntun náà, wọ́n á sì kọ èyí sínú ètò rẹ̀:

```
restore_command = 'cp /archive/%f %p'
recovery_target_xid = '918273'
recovery_target_inclusive = off
```

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń sọ fún un pé kó dúró kó tó kan 918273. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, sáfà náà á ka DELETE pọ̀ mọ́ ọn, wọn yóò sì tún padà sórí àtẹ òfìfo. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ni kì í mọ̀ pé ẹ̀dà ìpamọ́ wọn ò ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ yìí fi ń dé. Ní January 31, 2017, GitLab pàdánù dátà nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Kì í ṣe DELETE ló fà á, fódà dátà ni ẹnìkan pa rẹ́ lórí sáfà tí kì í ṣe èyí tó fẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé `pg_dump` tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ń kùnà, torí ẹ̀yà rẹ̀ kò bá ti dátábéésì mu, àti pé lẹ́tà tó yẹ kó sọ fún wọn kì í dé.

Wọn kì í gbé dátábéésì àtijọ́ náà lé orí tuntun, torí àwọn oníbàárà ò dẹ́kun ríra ọjà láti 14:07. `orders` nìkan ni wọ́n ń mú jáde nínú sáfà ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú `order_items` bó bá jẹ́ pé `ON DELETE CASCADE` ló so wọ́n pọ̀. Àwọn ọmọ àtẹ bẹ́ẹ̀ ti bá wọn lọ, 48213 tó jáde kò sì ka ìkankan nínú wọn. `orders` ni yóò kọ́kọ́ wọlé, `order_items` á tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà wọn kì í kọlu ti àwọn tuntun, nítorí DELETE kì í dá òǹkà id padà sẹ́yìn: ọ́dà tó wọlé ní 14:08 ti gba nọ́ńbà tirẹ̀ níwájú.

Ohun tó ń ṣẹ́kù ni èyí tí kò fariwo. Bí ilé iṣẹ́ ìsanwó bá ránṣẹ́ ní 14:09 pé owó ọ́dà 48190 ti wọlé, UPDATE tí ètò náà ṣe kò rí ìlà tó ń wá. Ó dáhùn `UPDATE 0`, kò sì sí ERROR kankan. Nígbà tí ọ́dà náà bá padà, ipò tó wà ní 14:06 ni yóò padà sí, tí yóò máa sọ pé wọn ò tíì san owó. Wọ́n á mú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ ìsanwó láti 14:07 títí di ìgbà tí ìlà tó kẹ́yìn wọlé, wọ́n á sì fi í wé àtẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.