Ìtàn tí òṣìṣẹ́ báńkì lè gbé lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ sọ́fítíwíà

"Kí ló mú yín fi báńkì sílẹ̀?" Ìbéèrè yìí kì í pẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹni tó ń gbọ́ ọ lè dì mú níbẹ̀. Ohun tó ń mú ìtàn náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ìṣòro kan pàtó tí onítọ̀hún ti bá jà níbi iṣẹ́ àtijọ́, àti kóòdù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti yanjú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ pé lálaalẹ́ ló ń gbé àkọsílẹ̀ báńkì àti ti ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó síra, kó lè rí èyí tí kò bára mu. Nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ sọ́fítíwíà, ó kọ ètò kékeré kan tó ń ka fáìlì méjèèjì, tó sì ń yọ owó tó wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú ìkejì jáde. Ìṣẹ́jú méjì tó láti sọ ọ́.

Ìbéèrè tó bá tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń dán an wò: "Tí oníbàárà méjì bá san iye kan náà lọ́jọ́ kan náà ńkọ́?" Ká ní owó ti àkọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ báńkì nìkan, ti ìkejì sì wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan. Bí ètò náà bá ń wo iye owó nìkan, á so méjèèjì pọ̀, àṣìṣe méjì á sì pòórá lójú gbogbo ènìyàn, torí àròpọ̀ pé. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí á sọ pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó kọ̀ọ̀kan lòun kọ́kọ́ ń wò. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sọnù, ètò náà á yà á sọ́tọ̀ kí ènìyàn fojú ara rẹ̀ wò ó.

Wọ́n tún lè béèrè bó ṣe tọ́jú owó nínú kóòdù. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà alámì-ẹ̀sún ni kì í pé pérépéré nínú kọ̀ǹpútà:

```python
print(0.1 + 0.2)
# 0.30000000000000004
```

Nítorí náà, odidi nọ́ńbà ló dára kó fi kọ ọ́, ní ẹyọ owó tó kéré jù lọ.

Kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì nìkan; olùkọ́ tó ń lọ sídìí iṣẹ́ sọ́fítíwíà náà lè ní irú ìtàn yìí: ọmọ tí kò wá sí ìdánwò yàtọ̀ sí ọmọ tó gba òdo, ètò tó bá pa wọ́n pọ̀ á ba ìpíndọ́gba kíláàsì jẹ́.

Ó ku ibì kan tí ìtàn tó dára ti máa ń wó. "Níbo lẹ ti rí fáìlì tẹ́ ẹ fi dán an wò?" Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ oníbàárà ló kó kúrò ní báńkì, kò sí ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó fọkàn tán an. Àyédèrú àkọsílẹ̀ tó fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá ló yẹ kó lò, kó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn oníbàárà méjì yẹn sínú rẹ̀.