Mo ti kó kúrò l'Ákùúrẹ́, jíìmù ṣì ń yọ owó mi

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ gbé mi kúrò l'Ákùúrẹ́ lọ sí Àbújá. Mo ti sọ fún kóòṣì wa ní jíìmù l'Álágbàka pé mi ò ní wá mọ́, síbẹ̀ wọ́n tún yọ 15,000 náírà lórí kààdì mi. Ṣé àfi kí n kọ lẹ́tà ni?

Ìdáhùn: Kọ ọ́ lónìí, àbúrò. Kóòṣì yẹn lè jẹ́ èèyàn dáadáa, àmọ́ òun kọ́ ló ń yọ owó, kọ̀ǹpútà ló ń yọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì ò bá pa orúkọ ẹ rẹ́ níbẹ̀ á máa yọ ọ́ lọ ni.

Kọ́kọ́ wá fọ́ọ̀mù tó o sáìnì nígbà tó o wọlé, wo iye ọjọ́ tí wọ́n ní kó o fi sọ tẹ́lẹ̀ kó o tó kúrò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Pé o kó lọ sílùú míì nìkan ò tú ẹ sílẹ̀, àfi tí fọ́ọ̀mù bá sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, so ẹ̀dà lẹ́tà iṣẹ́ ẹ tuntun mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bo ibi tí wọ́n kọ owó oṣù ẹ sí, kò kàn wọ́n.

Ká ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n kọ, tó sì jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù ni wọ́n ń yọ owó. Tí lẹ́tà bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 12 Oṣù Kẹwàá, 11 Oṣù Kọkànlá ló máa pé. Owó Oṣù Kọkànlá ṣì tọ́ sí wọn, má bá wọn jà sí i, ti Oṣù Kejìlá ni wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ wọn la fi ń kà o, kì í ṣe ọjọ́ tó o kọ ọ́.

Kọ ọ́ báyìí, kó o fi orúkọ, nọ́ńbà mẹ́ḿbà àti déètì sí i:

"Sí Máníjà. Mi ò ṣe mẹ́ḿbà jíìmù yín mọ́, nítorí iṣẹ́ ti gbé mi lọ sí Àbújá. Ẹ ka ọgbọ̀n ọjọ́ láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ yín, lẹ́yìn náà kí ẹ má yọ owó kankan lórí kààdì mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ímeèlì dá mi lóhùn pé ẹ ti pa orúkọ mi rẹ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó parí síbẹ̀."

Má kọ "mo fẹ́ sinmi ná" tàbí "títí n ó fi padà wálé." Wọ́n lè kàn dá a dúró fún oṣù díẹ̀, kí owó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nígbà tó o ti gbàgbé.

Fi ránṣẹ́ ní ímeèlì, kó o tún ní kí ẹnì kan nílé mú ẹ̀dà méjì lọ sí Alágbàka. Ọ̀kan tiwọn, èkejì ni kí wọ́n lu sítáǹpù sí, kí wọ́n sáìnì, kí wọ́n kọ déètì, kó sì ya fọ́tò ẹ̀ sí ẹ lórí Wọ́ọ̀tsáàpù níwájú tábìlì wọn níbẹ̀, kó tó kúrò.

Tí alẹ́ẹ̀tì bá tún wọlé ní 1 Oṣù Kejìlá, fọ́tò yẹn àti alẹ́ẹ̀tì náà ni kó o gbé lọ sí báńkì ẹ, ní kí wọ́n dí ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ owó lórí kààdì, kó o sì béèrè owó ẹ padà lọ́wọ́ jíìmù.