Wíwá orin tí a rántí díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ara ìyára, kíì àti kọ́ọ̀dù

Nígbà tí olórin bá rántí bí orin kan ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n tí àkọlé àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sá mọ́ ọn lórí, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ṣẹ́kù sí i létí àti ní ìka: bí orin náà ṣe yára tó, kíì tó wà, àti bí àwọn kọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Kò sí èyí tó lè dárúkọ orin náà fúnra rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá lò wọ́n pọ̀, wọ́n lè dín orin tí a fura sí kù sí méjì tàbí mẹ́ta tí èèyàn lè jókòó gbọ́. Agbára wọn kò dọ́gba. Kọ́ọ̀dù ló ṣeé gbára lé jù, ìyára tẹ̀lé e, kíì ló kẹ́yìn.

Ìyára ni a ń kọ́kọ́ wọ̀n. Olórin á máa kùn orin náà, á sì máa pàtẹ́wọ́ sí i títí yóò fi dúró lójú kan. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ aago fóònù ní ìgbà kan náà pẹ̀lú àtẹ́wọ́ kan, yóò pe àtẹ́wọ́ yẹn ní òdo, yóò ka èyí tó tẹ̀lé e ní ení, yóò sì dá aago dúró lórí ìkẹrìndínlógún. Kí ó wá fi iye ìṣẹ́jú àáyá tó rí pín 960. Bí aago bá fi 13.3 hàn, ìyára náà jẹ́ 72 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pípe àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ ní ení: àlàfo 15 péré ni ẹni bẹ́ẹ̀ wọ̀n, aago á dúró lórí 12.5, orin tó jẹ́ 72 á sì di 77 lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrántí ìyára dára ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nínú ìwádìí tí Levitin àti Cook gbé jáde ní 1996, wọ́n ní kí àwọn èèyàn kọ orin tí wọ́n mọ̀ dáadáa láìgbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Nínú ìgbà 100 tí wọ́n kọ ọ́, ìgbà bí 72 ni ìyára wọn kò yẹ̀ ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí ti àwo orin. Fún ẹni tó wọn 72, ìyẹn túmọ̀ sí pé kí ó wá orin láti 66 dé 78. Kí ó tún wo ìlọ́po méjì rẹ̀, 144, àti ìdajì rẹ̀, 36, nítorí pé ẹlòmíràn lè máa pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan níbi tí àkójọ orin ti ka méjì.

Ní ti kíì, ìwádìí Levitin ti 1994 fi hàn pé 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kọrin ni kò yẹ̀ ju ìdajì ohùn méjì lọ nígbà méjèèjì tí wọ́n kọ ọ́. Ìdajì ohùn ni àlàfo láàárín nóòtù kan àti èyí tó fara kàn án lórí kíbọ́ọ̀dù, ìbáà jẹ́ funfun tàbí dúdú. Ohun mìíràn tún wà tó ń ṣini lọ́nà fún ẹni tó ń lo ohun èlò: ìka máa ń gbé orin lọ sí ibi tó mọ́ ọn lára. Ẹni tó fi kíì kan ṣoṣo kọ́ kíbọ́ọ̀dù, tó sì ń tẹ bọ́tìnì tó ń gbé kíì sókè sódò, kò ní fi ọwọ́ rántí kíì kankan yàtọ̀ sí tirẹ̀. Nítorí náà, kí a kọ kíì sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má fi òun nìkan yọ orin kankan kúrò.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ kọ́ọ̀dù di nọ́ńbà. Dò ni 1, fà ni 4, sò ni 5, là ni 6. C G Am F nínú kíì C jẹ́ 1–5–6–4. D A Bm G nínú kíì D jẹ́ 1–5–6–4 bákan náà. Kí èyí tó lè ṣiṣẹ́, a ní láti mọ ibi tí dò wà, àti ibi tí àyípo kọ́ọ̀dù náà ti bẹ̀rẹ̀, torí pé Am F C G ni kọ́ọ̀dù mẹ́rin kan náà, ṣùgbọ́n 6–4–1–5 ni, orin mìíràn ló sì ń tọ́ka sí. Láti mọ dò, kí a máa ta àwọn kọ́ọ̀dù náà, kí a sì dá ọwọ́ dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí orin náà lè parí sí láìjẹ́ kí etí máa retí nǹkan mìíràn ni dò. Ibi tí àyípo ti bẹ̀rẹ̀ ni kọ́ọ̀dù tó bọ́ sí abẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn olórin.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn kan. Atẹdùùrù kan rántí orin tí kò yára, 72 ni ó wọ̀n, C G Am F ni ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀. Lára orin tí 1–5–6–4 yìí wà nínú wọn ni "Let It Be" ti The Beatles (1970), "No Woman, No Cry" ti Bob Marley and the Wailers, "Don't Stop Believin'" ti Journey (1981), "With or Without You" ti U2 (1987) àti "Someone Like You" ti Adele (2011). Ìyára yọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ti U2 wà ní nǹkan bí 110, ti Journey sún mọ́ 120. Ó ku mẹ́ta. Ti Adele wà ní kíì A, ìdajì ohùn mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ C, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ bára mu, nítorí náà ó ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó ń ya àwọn mẹ́ta yìí ni kọ́ọ̀dù mẹ́rin tó tẹ̀lé mẹ́rin àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé, torí pé wọ́n máa ń dáwọ́ dúró tí wọ́n bá ti rí àyípo tí wọ́n dá mọ̀. Bí ó bá lọ sí C G F C, "Let It Be" ni. Bí ó bá lọ sí C F C G, "No Woman, No Cry" ni. Bí ẹsẹ orin bá ń tún mẹ́rin àkọ́kọ́ náà ṣe ṣáá, ti Adele ni kí a kọ́kọ́ gbọ́.

Bí apá kejì kò bá sí lórí ẹni, kí a tẹ́tí sí béèsì. Nínú "Let It Be", béèsì fò láti dò lọ sí sò, kí ó tó dé là. Nínú àwọn méjì yòókù, ó ń sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, dò, tì, là, nítorí pé tì wà láàárín kọ́ọ̀dù G (G, B, D), béèsì sì mú un dípò G. Ẹni tó bá lè kùn ohùn ìsàlẹ̀ yìí nìkan ti yanjú ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìkìlọ̀ kan nìyí nípa orin Bob Marley: èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1974 yára ju èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo ní Lyceum, ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní 1975 lọ. Ti 1975 ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, òun ló sì sún mọ́ 78. Ẹni tó bá fi ìyára ti 1974 yẹ̀ ẹ́ wò á yọ orin tó tọ́ dànù.

Kásẹ́ẹ̀tì àti àwo tó ń sáré máa ń da ìyára àti kíì rú pọ̀. Bí kíì bá gòkè ní ìdajì ohùn kan, ìyára gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Orin kíì C tó jẹ́ 72 á wá dún bí C# ní 76. Bí méjèèjì bá yẹ̀ sí apá kan náà ní ìwọ̀n yìí, ẹ̀rọ ló fà á, kì í ṣe ìrántí.

Ọ̀nà yìí kò wúlò bákan náà fún gbogbo orin. Hooktheory lórí ayélujára jẹ́ kí èèyàn fi kọ́ọ̀dù wá orin, ṣùgbọ́n orin àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Jùjú lè dúró lórí kọ́ọ̀dù méjì tàbí mẹ́ta fún ìṣẹ́jú pípẹ́, fújì sì jẹ́ ìlù àti ohùn ní pàtàkì, nítorí náà kọ́ọ̀dù kò lè ya orin kan sọ́tọ̀ nínú wọn. Níbẹ̀, ìró ohùn ló sàn láti tọ̀: nítorí pé orin Yorùbá sábà máa ń tẹ̀lé àmì ohùn ọ̀rọ̀, ẹni tó bá ń kùn dò-mì-dò-rè lè fi dò, rè, mì wọ̀nyẹn wá ọ̀rọ̀ tó bá wọn mu, kí ó sì ti ara ọ̀rọ̀ dé orúkọ orin.