Ẹjọ́ tí adájọ́ parí láì gbọ́ ọ: àṣẹ ìgbẹ́jọ́ àti gbèdéke ìpẹ̀jọ́

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kan wà ní kóòtù wa tí adájọ́ kì í gbọ́ ti olùpẹjọ́, tí kì í gbọ́ ti olùjẹ́jọ́, tí yóò sì parí ẹjọ́, òfin kò sì ní pè é ní òṣìkà. Olùpẹjọ́ kó ìwé rẹ̀ dání, àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, lọ́yà ẹnìkejì bá dìde. Kò sọ pé oníbàárà òun kò jẹ gbèsè, kò sì sọ pé kì í ṣe òun ló wó ilé. Ohun tó sọ ni pé kóòtù yìí kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ náà, tàbí pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Àtakò ìṣáájú ni èyí. Bó bá fìdí múlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pe ẹlẹ́rìí kankan mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí àṣẹ ìgbẹ́jọ́. Ní ọdún 1962, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ohun mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ pé kí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́, nínú ẹjọ́ Madukolu àti Nkemdilim, àwọn lọ́yà sì ń tọ́ka sí i títí di òní. Iye adájọ́ tí òfin fẹ́ gbọ́dọ̀ pé, kí wọ́n sì tóótun. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé wá gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí òfin fi sọ́wọ́ kóòtù náà. Ẹkẹta, ẹjọ́ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tó tọ́ wọlé, kí olùpẹjọ́ sì ti ṣe gbogbo ohun tí òfin ní kó kọ́kọ́ ṣe. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òfo ni gbogbo ìgbẹ́jọ́ náà, bó ti wù kí adájọ́ gbọ́ ọ dáadáa tó.

Èkejì ló ń pa àwọn èèyàn wa jù. Lójú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, kóòtù ni kóòtù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 251 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 to ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nìkan: owó orí ìjọba àpapọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù, ọkọ̀ ojú omi, òfin tó ń darí ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, àtàwọn mìíràn. Aáwọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ ní ilé-ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àdéhùn òwò lásán, ẹni tó gba owó tí kò kó ọjà wá, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ló ni ín. Àwọn méjèèjì tó ń jà kò lè fẹnu kò pé kí kóòtù tí kò láṣẹ bá wọn dá a, nítorí òfin ló ń fún kóòtù láṣẹ, kì í ṣe oníjà. Èyí tó tún burú ni pé olùjẹ́jọ́ lè dákẹ́ fún ọdún márùn-ún, kí ẹjọ́ lọ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, kó tó wá rántí níbẹ̀ pé kóòtù ìbẹ̀rẹ̀ kò láṣẹ. Wọn yóò gbọ́ ọ. Ní tèmi, ìwà àgàbàgebè gbáà ni, àmọ́ òfin fàyè gbà á.

Ti gbèdéke yàtọ̀. Kóòtù lè jẹ́ èyí tó tọ́ gan-an, kó jẹ́ pé ìwọ lo pẹ́ jù. Ní Èkó, ọdún 6 ni òfin fún ẹni tí wọ́n da àdéhùn òwò lásán pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ aládàáni bíi tirẹ̀ ní ọdún 12. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí àjọ ìjọba ló ṣe ọ́, nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí òfin gbé lé wọn lọ́wọ́, oṣù 3 péré ni. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń jẹ ẹjọ́ àwọn mẹ̀kúnnù jù lọ.

Ká wá wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tó fi owó ara rẹ̀ kọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní, kátápílà ìjọba ìbílẹ̀ dé, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù náà wà lójú gọ́tà, wọ́n wó o. Ìyá kọ lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú oṣù Kejì wọ́n pè é sí ìpàdé, wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n ní kó mú rìsíìtì bíríkì àti páànù wá. Nínú oṣù Kẹta ẹnìkan wá wọn ibẹ̀. Nínú oṣù Kẹrin, alága ò gbé ìpè mọ́. Ọmọ rẹ̀ sọ pé, “Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ bá lọ́yà.” Lọ́yà fi ìwé ìpẹ̀jọ́ sí kóòtù ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún.

Nígbà tí lọ́yà ìjọba ìbílẹ̀ gbé àtakò dìde, iṣẹ́ tó délẹ̀ fún adájọ́ kò tó nǹkan. Kò nílò ẹlẹ́rìí. Yóò ṣí ìwé tí ìyá fúnra rẹ̀ fi sọ ẹ̀sùn rẹ̀, yóò wo ọjọ́ tó ní wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù òun. Yóò wo ọjọ́ tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìpẹ̀jọ́. Yóò fi wọ́n wé ara wọn. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní, oṣù mẹ́ta ti parí ní àárín oṣù Kẹrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ti lé lórí i rẹ̀. Ó parí. Ọ̀nà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi lélẹ̀ nínú ẹjọ́ Egbe àti Adefarasin nìyẹn: ìwé olùpẹjọ́ ni wọ́n máa fi dá olùpẹjọ́ lẹ́bi.

Ìpàdé oṣù Kejì ńkọ́, àti ẹni tó wá wọn ilẹ̀? Kò dá aago dúró. Nínú ẹjọ́ Eboigbe àti àjọ elépo NNPC, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ kedere pé ìdúnàádúrà kì í dá àkókò dúró. Bó bá jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé pé àwọn jẹ̀bi, tó wá ku iye owó tí wọ́n máa san nìkan, lọ́yà ìyá á rí nǹkan dì mú. Ìbánikẹ́dùn àti “ẹ mú rìsíìtì wá” kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ṣebí ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, àdánù sì ń lọ lójoojúmọ́, àkókò kò sì lè tíì parí. Òótọ́ ni pé òfin náà fàyè sílẹ̀ fún ìpalára tí kò dáwọ́ dúró, kí a ka oṣù mẹ́ta láti ìgbà tó bá dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí kóòtù ń wò ni bóyá ìwà náà fúnra rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń da pàǹtí sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀, ìyẹn ń bá a lọ. Kátápílà wá lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe tán lọ́jọ́ náà. Àpá tó fi sílẹ̀ ló kù.

Ohun mìíràn wà tó ń dín oṣù mẹ́ta yẹn kù. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní kí o kọ́kọ́ kọ̀wé pé o fẹ́ pẹjọ́, kí o sì dúró fún oṣù kan. Ohun kẹta nínú ẹjọ́ Madukolu nìyẹn, ohun tó yẹ kó ṣáájú. Bí o kò bá kọ ọ́, wọn yóò ní o kánjú. Bí o bá kọ ọ́ pẹ́, oṣù mẹ́ta yóò parí nígbà tí o ṣì ń dúró. Ẹni tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kó tó lọ bá lọ́yà, ó ti fún lọ́yà náà níṣẹ́ tó le.

Àwọn ẹjọ́ kan wà tí òfin oṣù mẹ́ta yìí kò mú. Kò mú àdéhùn òwò pẹ̀lú ìjọba, kò mú ẹni tó ń gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ní 2019, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tún fi kún un pé kò mú àdéhùn iṣẹ́ láàárín òṣìṣẹ́ àti ìjọba. Òṣìṣẹ́ tó bá sì ṣe ohun tí àṣẹ rẹ̀ kò dé, tàbí tó fi ìkà ṣe é, kò lè sá sábẹ́ rẹ̀. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò ní gbèdéke rárá lábẹ́ ìlànà ọdún 2009, ìdí nìyí tí àwọn lọ́yà kan fi máa ń wọ aṣọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fún ẹjọ́ tó ti pẹ́. Adájọ́ tó bá mọṣẹ́ yóò tú aṣọ náà wò, yóò béèrè ohun tí olùpẹjọ́ ń tọrọ gan-an.

Ó wá ku ibi tí ìdènà méjèèjì ti pàdé. Bí kóòtù kò bá láṣẹ, ó sábà máa ń fagi lé ẹjọ́ ni, èyí tó túmọ̀ sí pé o lè gbé e lọ sí kóòtù tó tọ́. Bí gbèdéke bá ti kọjá, ó máa ń da ẹjọ́ nù pátápátá ni. Ẹni tí wọ́n fagi lé ẹjọ́ rẹ̀ á wá rò pé òun ṣì ní ibi tí òun máa gbé e lọ, kó sì dé ibẹ̀ kí wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ ti lọ.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Migfo bọ́ sínú rẹ̀. Òun àti Sifax jọ ṣe àdéhùn lórí bí wọ́n ṣe máa gba ibùdó ìkẹ́rù kan ní èbúté ìjọba, aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀, Migfo sì pẹjọ́ ní ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní 2006. Ọ̀rọ̀ èbúté ni, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ sì tún ni. Ó jọ pé ibẹ̀ ló yẹ. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní àdéhùn òwò lásán ni, kóòtù ìjọba àpapọ̀ kò láṣẹ lórí rẹ̀. Migfo gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó. Sifax dìde pé ọdún 6 ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà tún gòkè lọ. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ní gbogbo ìgbà tí ẹjọ́ fi wà ní kóòtù tí kò tọ́, aago dúró. Kì í ṣe olùpẹjọ́ ló sùn. Kí ẹ kíyè sí i pé dídúró ni aago dúró, wọn kò yí i padà sí òdo. Ẹni tó ti lo ọdún 5 àti oṣù 8 kó tó pẹjọ́ àkọ́kọ́, oṣù 4 ló kù fún un lọ́jọ́ tí wọ́n bá fagi lé e. Ní ti Migfo, ọdún méjìlá lẹ́yìn ìwé ìpẹ̀jọ́ àkọ́kọ́, ohun tó jèrè ní Àbújá ni pé kó padà sí Èkó, kí ẹnìkan lè wá béèrè bóyá Sifax da àdéhùn náà lóòótọ́.